Ta Ló Ń Ro Gbogbo Rẹ̀ Pọ̀?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin atẹ̀wé Ṣómólú tí ẹ pa ẹ̀rọ nítorí ìpàdé yìí, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọjà àwìn ayé òde òní, èyí tí wọ́n ń polówó fún wa lórí fóònù pé ká rà á báyìí, ká sanwó tó bá yá. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mi ò sì ní lè sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo mú dání. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ó ń kọ́ni ní ilé ìwé aládàáni kan ní Bàrígà, Ìkòròdù ló sì ń gbé. Ó fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́, ó ní kí n má dárúkọ òun.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ mú fíríìsà láwìn, wọ́n ní kó mú onídùúró wá, èmi ni mo dúró fún un. Mo wo owó oṣù rẹ̀, ₦145,000. Mo wo iye tí wọn yóò máa yọ lóṣù, ₦27,200. Mo ní kò pọ̀, mo fọwọ́ sí i. Mi ò bi í léèrè pé kí ni nǹkan mìíràn tó ń san. Akápò ni mí láti ọdún mọ́kànlá, ìbéèrè tí mo máa ń bi gbogbo ẹni tó bá wá yáwó nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, mi ò sì bi í. Ó ń dùn mí títí di òní.

Àwìn kì í ṣe nǹkan tuntun fún wa. Ẹ̀yin àgbà inú wa rántí àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá gbowó wọn díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn fúnra rẹ̀ ń sọ pé àwọn yóò lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó yóò fi pé. Ìtìjú wà nínú ìyẹn, mi ò ní kó máa padà bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òṣómàáló mọ̀ tí ẹni tó ń tajà láwìn lórí fóònù lónìí kò mọ̀: ó mọ ilé rẹ. Tó bá dé ìloro tó bá òṣómàáló mìíràn tó ti lóṣòó síbẹ̀, yóò gbé ẹrù rẹ̀ kọjá. Ojú rẹ̀ ló fi ń ka gbèsè tó wà nílẹ̀.

Olùkọ́ wa ní òṣómàáló mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́ta, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó rí èkejì.

Fóònù ni ó kọ́kọ́ rà, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì, ní Kọ̀ǹpútà Fílééjì ní Ìkẹjà. ₦180,000 ni fóònù náà tí ẹni tó rà á bá kówó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gba ₦54,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ku ₦126,000 tí yóò san fún oṣù mẹ́fà. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èlé yìí, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti máa ń fọ́ wa.

Ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ₦126,000 jẹ́ ₦7,560. Oṣù mẹ́fà ni yóò san án, ìyẹn jẹ́ ₦45,360. Wọ́n ro èlé yìí mọ́ ojú owó, wọ́n pín in sí mẹ́fà, ó di ₦28,560 lóṣù kan. Ìṣirò náà tọ́, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: lóṣooṣù ló ń dá ₦21,000 padà nínú ojú owó. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹfà, ₦21,000 péré ni ojú owó tó kù lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ ₦7,560 kan náà ni èlé tí wọn yóò gbà lóṣù yẹn. Ẹ fi ₦7,560 wé ₦21,000. Ìdá mẹ́rìndínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún ni, fún oṣù kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣírò èlé lórí ojú owó àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò dínkù bí gbèsè ti ń dínkù, èlé tí wọ́n dárúkọ fún yín kì í ṣe iye tí ẹ ń san ní tòótọ́. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, orí gbèsè tó kù la máa ń ṣírò èlé sí. Ẹ bi ẹni tó bá ń tajà fún yín léèrè èwo ló ń ṣe. Tí kò bá mọ ìdáhùn, ẹ bi í ní iye tí ẹ máa san lápapọ̀ títí ẹ ó fi parí, ẹ fi iye owó ọjà lójú ẹsẹ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Fóònù olùkọ́ wa di ₦225,360.

Ẹnì kan lè sọ pé ní Èkó yìí, ẹni tó bá ń kó owó jọ láti ra nǹkan, ọjà ló ń sá níwájú rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní ọjà pàṣípààrọ̀, gbogbo wa la rí bí owó fóònù ṣe ń fò sókè. Nítorí náà ẹ má fi ẹnu lásán dá a lóhùn, ẹ ṣírò rẹ̀. Ká ní olùkọ́ wa fi ₦54,000 yẹn sílẹ̀, tó sì ń tọ́jú ₦28,560 lóṣù sọ́dọ̀ alájọ. Ní oṣù karùn-ún, owó tó kù yóò ti pé, ₦16,800 yóò sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Èlé tó san jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó fóònù náà. Àfi tí owó ọjà bá fò sókè ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ láàárín oṣù márùn-ún ni àwìn náà fi lè jàǹfààní fún un. Ìgbà kan wà tó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé rẹ̀. Fíríìsà tẹ̀lé fóònù, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta. Ìyàwó rẹ̀ ń ta omi tútù àti sóbò níwájú ilé. ₦240,000 ni owó fíríìsà. Ó san ₦60,000, ó ku ₦180,000 fún oṣù mẹ́sàn-án, èlé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ìyẹn ni ₦27,200 tí mo dúró fún. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ó ra aṣọ àti bàtà Àjíǹde fún àwọn ọmọ, ₦45,000, ó pín in sí mẹ́ta láìsí èlé. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ooru mú, ó ra fáànù tó ń lo bátìrì, ₦60,000. Wọ́n pín in sí mẹ́rin, láìsí èlé pẹ̀lú, ó san ìdá kan lọ́jọ́ náà, ìyókù jẹ́ ₦15,000 lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pé kò sí èlé yà yín lẹ́nu. Ọlọ́jà ló ń sanwó fún ilé iṣẹ́ tó ń dá àwìn náà sílẹ̀, ó ń yọ ọ́ nínú èrè rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí kò ní ₦60,000 lọ́wọ́ yóò rà á tí wọ́n bá ní ₦15,000 ni. Kò sí ibi tó ti burú. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìdí tí ọmọ ìsọ̀ fi ń rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ mú un.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì yìí dáadáa. Olùkọ́ wa sọ fún mi pé ₦15,000 ni òun ń san fún fáànù. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀sẹ̀ méjì ń bọ́ sáàárín owó oṣù kan sí òmíràn, nítorí náà ₦30,000 ni fáànù jẹ́ lóṣù rẹ̀. Fáànù tó wá kẹ́yìn nínú ọjà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ń fa owó tó pọ̀ jù lọ láàárín oṣù.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí owó oṣù ₦145,000: fóònù kò tó ìdá kan nínú márùn-ún, fíríìsà kò tó o, aṣọ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, fáànù lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹni tó bá wo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn yóò sọ ohun tí mo sọ, pé kò pọ̀. Ẹ wá ro ó pọ̀ láti ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún tó yẹ kí owó oṣù wọlé, títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹfà. Fíríìsà ní ọjọ́ 30, ₦27,200. Aṣọ ní ọjọ́ 5, ₦15,000. Fáànù ní ọjọ́ 6 àti ọjọ́ 20, ₦30,000. Fóònù ní ọjọ́ 25, ₦28,560. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦100,760. Ó ku ₦44,240. Owó ọkọ̀ láti Ìkòròdù sí Bàrígà, àlọ àtàbọ̀, jẹ́ ₦2,000 lójúmọ́ fún un, ọjọ́ méjìlélógún ló ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù. Ìyẹn ₦44,000.

₦240 ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin náà ti dákẹ́. Bí mo ṣe dákẹ́ nìyẹn nígbà tí èmi àtòun jọ jókòó ṣírò rẹ̀.

Kí ló dé tí kò sí ẹni tó rí i? Ilé iṣẹ́ tó ń kó ìwé ìtàn gbèsè jọ wà ní Nàìjíríà, bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, òfin tó dá wọn lẹ́sẹ̀ múlẹ̀ sì jáde ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò lè sọ ju ohun tí wọ́n bá mú wá fún un lọ. Gbèsè tí èèyàn jẹ lánàá lè máà tíì débẹ̀ lónìí, kì í sì í ṣe gbogbo ọlọ́jà tó ń ta fáànù láwìn ló ń wò ó kó tó tà. Àwìn kékeré tó wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè bẹ̀rẹ̀ kó sì parí kó tó hàn síbì kankan. Ohun tí wọ́n sábà máa ń wò ni owó tó ń wọlé sínú àkáǹtì yín àti bóyá ẹ san ti tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ wa ń san ti fóònù déédéé nígbà náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí fíríìsà rọrùn fún un láti rí gbà.

Báyìí ni ó ṣe já. Ilé ìwé kò san owó oṣù karùn-ún ní ọjọ́ 28. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 30, wọ́n wá gba owó fíríìsà, ₦3,100 ló wà nínú àkáǹtì, wọ́n kó o. Wọ́n fi owó ìtanràn ₦2,000 lé ìyókù. Owó oṣù wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Kó tó dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń gbowó, álátì ti dún: ₦26,100 ti lọ. Ní ọjọ́ kejì, aṣọ mú ₦15,000. Ní ọjọ́ kẹta, fáànù mú ₦15,000. ₦56,100 lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò sì fọwọ́ kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín àwìn yìí àti ti ìyá ọlọ́jà tó wà ládùúgbò nìyí. Ìyá ọlọ́jà yóò gbọ́ pé owó oṣù kò tíì wọlé, kódà bó bá bínú. Àṣẹ tí ẹ fún wọn lórí káàdì tàbí àkáǹtì yín lọ́jọ́ tí ẹ rajà kò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá ti pé, yóò wá. Bí kò bá rí i lówùúrọ̀, yóò tún wá lálẹ́. Gbèsè ni ó máa ń kọ́kọ́ jẹun nínú owó oṣù, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lẹ ó jẹ ohun tó bá ṣẹ́ kù.

Ní ọjọ́ 25, kò sí ₦28,560. Ní ọjọ́ 26, wọ́n ti fóònù náà pa. Ohun èlò kan wà nínú irú fóònù bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó ta á lè tì í láti ọ̀nà jíjìn, àwòrán kan ṣoṣo ni ẹ ó sì máa rí lójú rẹ̀ pé kẹ́ ẹ wá sanwó. Ohun tí olùkọ́ wa kò rò ni pé orí fóònù yẹn ni bánkì rẹ̀ wà. Owó tí àwọn òbí tó ń kọ́ lọ́mọ nírọ̀lẹ́ máa ń fi ránṣẹ́, orí rẹ̀ ló ti ń rí i. Ó ya fóònù ìyàwó rẹ̀, ó wọ ọ̀kan nínú àwọn ápù tó ń yáni lówó, ó tọrọ ₦40,000. ₦36,000 ló wọlé, wọ́n ti yọ tiwọn ṣáájú. ₦48,000 ni wọ́n ní kó san lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì ti jẹ gbèsè karùn-ún.

Ibi tí mo ti máa ń mọ̀ pé gbèsè èèyàn ti ju agbára rẹ̀ lọ nìyẹn, mo sì ti rí i lára ọ̀pọ̀ tó wá bá mi: ọjọ́ tó bá fi gbèsè tuntun san gbèsè àtijọ́. Kó tó débẹ̀, àmì kan wà tó máa ń ṣáájú. Ẹni náà kì í lè dáhùn lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n tún máa yọwó rẹ̀. Ó mọ iye owó kọ̀ọ̀kan, kò mọ ọjọ́ wọn.

Olùkọ́ wa wá bá mi ní oṣù keje, lẹ́yìn tí ápù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn tó wà nínú fóònù ìyàwó rẹ̀. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé èyí lòdì sí ìlànà. Ní ọdún 2022, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti gbé ìlànà jáde pé ayánilówó orí fóònù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì ń bá àwọn tó ń dójú ti onígbèsè níwájú ẹbí rẹ̀ jà. A ya àwòrán àwọn ọ̀rọ̀ náà, a kọ ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ẹ̀sùn kì í pa gbèsè rẹ́.

A mú ìwé kan, a fa ilà sí i láti ọjọ́ owó oṣù kan sí òmíràn. A ò lo ọjọ́ kìíní sí ìparí oṣù, nítorí kì í ṣe ọjọ́ kìíní ni owó ń wọlé. A kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa yọwó, orúkọ ẹni tó ń yọ ọ́, iye rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí owó. Ìlà ìkẹyìn yìí ló darí wa. Aṣọ àti fáànù ti parí nígbà náà. Ápù náà ló ń gbowó lórí jù, ẹgbẹ́ yá a ní owó láti fi pa á, pẹ̀lú èlé lórí gbèsè tó ń dínkù. Fóònù ló lè dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà òun ló kàn. Fún fíríìsà, mo bá a lọ sí ọ́fíìsì wọn kí ọjọ́ tó pé, ní ọjọ́ 21, pẹ̀lú ìwé owó oṣù rẹ̀ mẹ́ta tó fi hàn pé owó máa ń pẹ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ sí ọjọ́ 8. Wọ́n gbà. Ká ní lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá la lọ ni, owó ìtanràn la ò bá máa bẹ̀ wọ́n lé lórí.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé kò lè lọ sí bánkì kí wọ́n fagi lé àṣẹ tó fi ń yọwó. Ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n gbèsè náà ṣì wà níbẹ̀, ìtanràn yóò máa gorí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ ìwé ìtàn gbèsè. Tó bá jẹ́ bánkì ló yá a, láti ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún wọn láyè láti lè yọ gbèsè tí kò san nínú àkáǹtì mìíràn tí BVN rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ní bánkì yòówù kó jẹ́.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a kì í jẹ́ kí àpapọ̀ owó gbèsè tí wọ́n ń yọ lóṣù ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Fún olùkọ́ wa, ₦48,333 nìyẹn. Ohun tó dùn mí jù nígbà tí a fi ìlà yẹn wo ìwé rẹ̀ ni pé kò sí èyí tí kò lè rà nínú wọn. Fóònù àti aṣọ lápapọ̀ jẹ́ ₦43,560, ó wà lábẹ́ ìlà. Bí fáànù bá dúró kí aṣọ parí ní oṣù kẹfà, kó sì gbà láti san án lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ₦43,560 kan náà ni. Fíríìsà ìbá wá dúró de ìgbà tí fóònù bá parí ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ. Ọjà mẹ́rin kan náà, ilé kan náà, owó oṣù kan náà. Bí wọ́n ṣe gun ara wọn lórí ló pa á lára.

Ìwé ìdúró tí ẹgbẹ́ ń lò, mo ti fi ìlà kan kún un. Ẹni tí a bá fẹ́ dúró fún yóò kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, onídùúró yóò sì ro ó pọ̀ fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìwé olùkọ́ wa náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí bí a ṣe fa ilà rẹ̀ lè wò ó, mo ti fi bébà bo orúkọ.